Onílé ní kí n ra pọ́ńpù, kí n yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé. Orí fóònù la ti sọ ọ́. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀?

Ayálégbé_Àkóbọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Pọ́ńpù bóòhóòlù ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn ti jóná. Lọ́ńdọ̀nù ni onílé wa ń gbé, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo pè wọ́n lórí Wátsáàpù láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n ra òmíràn, kí n yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé tí mo máa san ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Owó ilé náà jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Oníṣẹ́ ní pọ́ńpù jẹ́ ₦210,000, wáyà àti páìpù ₦27,500, owó iṣẹ́ tirẹ̀ ₦35,000. Mo fẹ́ kọ ohun tí a jọ sọ ránṣẹ́ sí bàbá kó lè wà lákọsílẹ̀. Kí ni kí n kọ? Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé mi ò gbà wọ́n gbọ́?

Bàbá_Ẹlẹ́kọ

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹ bá tún pè wọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn ò lè sẹ́ ẹ. Bó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ fi kún un pé bí wọn ò bá fèsì kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, wọ́n ti gbà nìyẹn. Ó parí.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Bàbá_Ẹlẹ́kọ, ẹ kú làákàyè, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo lè bá yín gbé. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lè wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti gbọ́ ìpè ogún ìṣẹ́jú tán kó tó rí gbólóhùn kan. Bàbá lè ti wí pé "ó dáa, ó dáa" lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó má sì sí èyí tó so mọ́ iye owó kankan. Ọjọ́ tí àgbàlagbà bá sì mọ̀ pé ayálégbé ń gba ohùn òun sílẹ̀ láìsọ fún òun, àárín wọn dàrú nìyẹn.

Ní ti "bí ẹ ò bá fèsì, ẹ ti gbà", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Èèyàn kì í fi ìdákẹ́ wọ inú àdéhùn nítorí pé ẹlòmíràn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1862 ni kóòtù Gẹ̀ẹ́sì ti sọ èyí, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ẹṣin ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kọ̀wé sí i pé bí òun ò bá tún gbọ́ nǹkan kan, ẹṣin ti di tòun. Ibẹ̀ náà ni òfin àdéhùn tiwa ti ṣẹ̀ wá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Ayálégbé yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹlẹ́ṣin. Wọ́n ti fẹnu ṣe àdéhùn náà tán, ìwé kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Bí bàbá bá ka ìwé tó ní "ẹ ní kí n ra pọ́ńpù", tí wọn ò jiyàn, tí omi sì ń jáde nínú ilé wọn fún oṣù méjì, adájọ́ lè sọ pé ìdákẹ́ yìí kò jọ ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀rí lásán ni ìdákẹ́ náà jẹ́ o, bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n sì kù sọ́wọ́ adájọ́. Nítorí náà, ẹ má halẹ̀ mọ́ bàbá. Ẹ ní kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà níbi tí ẹ bá ti ṣì wọ́n gbọ́.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ máa kọ, ẹ dá mi lóhùn: ṣé bàbá gbọ́ ₦272,500 lẹ́nu yín, àbí "ra òmíràn" nìkan ni wọ́n sọ?

Ayálégbé_Àkóbọ̀

Háà. Ẹ mú mi. Mo dárúkọ ₦210,000 ti pọ́ńpù. Mi ò rántí pé mo mẹ́nu ba ti wáyà àti ti oníṣẹ́.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Ibẹ̀ gan-an ni ìwé báyìí ti máa ń bàjẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ a kó ohun mẹ́ta pa pọ̀: èyí tí wọ́n fẹnu kò sí, èyí tí wọ́n kàn sọ gbà á kọjá, àti èyí tóun fúnra rẹ̀ rò lẹ́yìn tí ìpè parí. Bí bàbá bá rí ẹyọ ohun kan tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò sọ, gbogbo ìyókù á jọ irọ́ lójú wọn, kódà èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ pín in. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ wá kọ lọ́tọ̀ pé, "Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín nìyí," kí ẹ dárúkọ ₦27,500 àti ₦35,000, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n fọwọ́ sí i. Títí wọ́n á fi fèsì sí apá yìí, owó pọ́ńpù nìkan lẹ ní àṣẹ láti yọ. Ẹ má rò pé bàbá mọ̀ pé pọ́ńpù kì í dá wọ inú kànga fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ náà, "yọ". Ṣé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ máa yọ gbogbo rẹ̀ nínú owó oṣù kọkànlá, àbí ìdajì lọ́dún yìí, ìdajì lọ́dún tó ń bọ̀? Lójú ayálégbé, lẹ́ẹ̀kan náà ni. Lójú onílé tó ti ṣètò owó náà sílẹ̀ fún nǹkan míì, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé kó má sí àyè ìtumọ̀ méjì. Bí wọ́n bá gba gbogbo rẹ̀, ₦600,000 dín ₦272,500 ku ₦327,500. Iye tó kù yẹn ni kí ẹ kọ, torí òun ni bàbá máa retí nínú báǹkì wọn.

Ẹ fi òkè lé owó náà pẹ̀lú. Iye ọjà ń yí lójoojúmọ́. Ẹ kọ ọ́ pé bó bá ju ₦280,000 lọ, ẹ ò ní rà á láìtún pè wọ́n.

Adùnní_Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú ìbéèrè yìí. Mo ń ra ìdajì pọ́lọ̀ọ̀tì ní Ọ̀yọ́, orí fóònù la ti fẹnu kò sí iye rẹ̀, mo sì ti san díẹ̀. Ṣé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ tí a sọ ránṣẹ́ sí onílẹ̀ lórí Wátsáàpù, ó ti tó, kí n má wulẹ̀ náwó lọ́yà?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Rárá o, ìyá mi. Ọ̀nà yìí kò gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin fẹ́ kí àdéhùn títa ilẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹni tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́ fọwọ́ sí. Ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lè ran yín lọ́wọ́ láti fi hàn pé ẹ san owó àti ohun tí ẹ san án fún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì di tiyín. Ẹ gba rìsíìtì fún èyí tí ẹ ti san, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má san ìyókù láìní ìwé. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tuntun fún un, ó gùn ju ibí yìí lọ.

Tèmi_Fóònù

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dé apá fóònù, torí ibẹ̀ ni ìwé tó dáa ti máa ń sọnù.

Inú ojú ewé ìbánisọ̀rọ̀ tí ẹ ti pe bàbá náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, lónìí, kí ọ̀rọ̀ míì tó bọ́ sáàárín. Wátsáàpù a máa fi ìpè hàn nínú ojú ewé yẹn, pẹ̀lú aago àti bó ṣe pẹ́ tó. Bí ìwé yín bá wà lábẹ́ ìpè náà gan-an, ẹni tó bá wò ó á rí i pé òun ló tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó jẹ́ o. Ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́ méje, kí bàbá má baà dá ìkẹta lóhùn kí ó dà bíi pé wọ́n dá gbogbo rẹ̀ lóhùn.

Ẹ tẹ orúkọ bàbá lókè ojú ewé náà kí ẹ wo Disappearing messages. Bó bá wà lórí wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90, ìwé yín á pòórá kí oṣù kọkànlá tó dé tàbí láìpẹ́ sí i. Ẹ pa á. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lè tan án o, ẹni kejì náà lè tan án, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ lè tún un kọ láàárín ìṣẹ́jú 15, àmọ́ Wátsáàpù á kọ Edited sára rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, àmì yẹn á mú kí èèyàn máa béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ iye owó kan sí àṣìṣe, ó sàn kí ẹ kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iye owó wáyà tí mo kọ lókè kò pé, ₦27,500 ni."

Ẹ di ọ̀rọ̀ náà mú, kí ẹ yan Info. Ẹ máa rí aago tó wọlé sórí fóònù wọn àti aago tí wọ́n kà á. Ọ̀pọ̀ àgbà ti pa àmì búlúù, nítorí náà bí ẹ ò bá rí aago kíkà, kò túmọ̀ sí pé wọn ò kà á.

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, ṣùgbọ́n "Bàbá Onílé" tí ẹ kọ sórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni nọ́ńbà. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ yẹn pe nọ́ńbà àbúrò rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tó fi nọ́ńbà wọn hàn, tiwọn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44, kí ẹ ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Export chat kí gbogbo rẹ̀ lè wà níbòmíràn yàtọ̀ sórí fóònù tó lè bọ́ sómi.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Kí n fi kan kún un: ẹ má ta fóònù náà o, ẹ má sì pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní ohun tó béèrè kí kóòtù tó gba ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà, fóònù sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n máa ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí tó sọ irú ẹ̀rọ tó ti jáde àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ṣòro láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa fóònù tí ẹ ti tà ní Ìyágankú.

Onílé_Mànṣẹ́sítà

Apá ti onílé ni èmi fẹ́ sọ. Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé inú bàbá á bàjẹ́. Ohun tó ń bí onílé tó wà lókè òkun nínú kì í ṣe pé ayálégbé kọ̀wé. Kí ó gbọ́ ní oṣù kọkànlá pé owó ilé ti di ìdajì ni, láìrí fọ́tò pọ́ńpù kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ bíi pé ìrántí tiyín lẹ fi ń pamọ́, "kí n má baà ṣi owó yín ná," kò sí àgbà tó máa bínú. Ẹ má lo "gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa", ó ń dún bíi ti agbẹjọ́rò. "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí" ló yẹ ọmọ tó ń bá bàbá sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa fi fọ́tò pọ́ńpù tó jóná, ti tuntun àti rìsíìtì ránṣẹ́. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹ gbé èyí tó jóná sí. Ẹ lè rò pé pàǹtí ni, àmọ́ ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí irin àlòkù rí.

Ẹ kọ "aago Nàìjíríà" síwájú aago tí ẹ bá dá. Lásìkò yìí aago wa dọ́gba, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kẹwàá, tiwa níbí á fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí tiyín.

Bàbá_Ẹlẹ́kọ

Mo gbọ́ ti ìdákẹ́. Àmọ́ bí bàbá ò bá ní dátà ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kò sàn ju gbogbo Wátsáàpù yìí lọ?

Tèmi_Fóònù

Ó dáa láti fi tì í lẹ́yìn, pàápàá bí ẹ bá rí àmì ẹyọ kan ṣoṣo fún ọjọ́ méjì. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba àmì 160. Bí ẹ bá fi àmì ohùn Yorùbá tàbí ₦ sí i, ó wálẹ̀ sí 70, owó yín á sì lé, torí òkè òkun lẹ ń fi í ránṣẹ́ sí. Níbẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, kí ẹ kọ "naira" dípò ₦. Ìkékúrú rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́: ọjọ́ ìpè, owó, iye tó kù, àti pé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wà lórí Wátsáàpù.

Ayálégbé_Àkóbọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́:

> Ẹ kú ọ̀sán sà. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, Sátidé 13 oṣù kẹsàn-án 2025. Kí n má baà ṣi owó yín ná, mo kọ ohun tí ẹ wí síhìn-ín, kí ẹ lè tọ́ mi sọ́nà níbi tí mo bá ti ṣì yín gbọ́.
>
> Ẹ ní kí n ra pọ́ńpù tuntun fún bóòhóòlù ilé yín, kí n yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé tí mo máa san ní 1 oṣù kọkànlá. Iye tí mo sọ fún yín fún pọ́ńpù ni ₦210,000.
>
> Ohun tí mi ò sọ fún yín sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú: wáyà àti páìpù jẹ́ ₦27,500, owó oníṣẹ́ ₦35,000. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦272,500. Bí ẹ bá gbà kí n yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iye tí mo máa san sí báǹkì yín ní oṣù kọkànlá á jẹ́ ₦327,500. Bí iye ọjà bá mú kó ju ₦280,000 lọ, mi ò ní rà á láìpè yín.
>
> Oníṣẹ́ fẹ́ wá ní Túsìdeè 16. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè tó lù, aago Nàìjíríà. Mo máa fi fọ́tò àti rìsíìtì ránṣẹ́. Níbo ni kí n gbé pọ́ńpù tó jóná sí?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Ó dára. Ẹ fi aago tí ẹ pè sí i, "ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀". Bí ẹ bá pe bàbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ nìkan kò ní tó. Ẹ kọ agbára pọ́ńpù náà pẹ̀lú, bóyá họ́ọ̀sìpáwà kan ni tàbí kan ààbọ̀. "Pọ́ńpù tuntun" lásán lè di ẹjọ́ bí èyí tí ẹ rà bá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀.

Ayálégbé_Àkóbọ̀

Mo ti ṣàtúnṣe, mo ti fi ránṣẹ́. Họ́ọ̀sìpáwà kan ni, bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ayálégbé_Àkóbọ̀

Ẹ tún gbà mí o. Bàbá ti dáhùn, àmọ́ àwòrán àtàǹpàkò, 👍, nìkan ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin wá kọ̀wé láti nọ́ńbà tirẹ̀ pé, "Dádì ti rí i, kí ẹ máa bá a lọ." Ṣé ìyẹn tó?

Bàbá_Ẹlẹ́kọ

Àtàǹpàkò kọ́ ni bàbá mi fi ta ilẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àná? Ó tó!

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Bàbá_Ẹlẹ́kọ ń ṣeré, síbẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ní ọdún 2023, kóòtù kan ní Saskatchewan, ní Kánádà, sọ pé 👍 tí àgbẹ̀ kan fi dáhùn àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ dúró fún ìfọwọ́sí, ó sì ní kó san ju dọ́là Kánádà 82,000 lọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà àti oníbàárà rẹ̀ ti máa ń ṣe àdéhùn lọ́nà yẹn, ó máa ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú, ó sì máa ń kó ọjà lọ fún wọn. Ẹ̀yin àti bàbá ò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ Kánádà kò sì de adájọ́ Ìbàdàn. Àtàǹpàkò lè túmọ̀ sí "mo gbà", ó sì lè túmọ̀ sí "mo ti rí i".

Ní ti ọmọ wọn, ohun tí èmi máa fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ náà ti orí nọ́ńbà bàbá wá. Bàbá ló fún yín nílé, ọmọ kò sí nínú ìwé ilé yín.

Onílé_Mànṣẹ́sítà

Níbí mo yà kúrò lọ́dọ̀ Lọ́yà. Ilé tí bàbá ti lé ní àádọ́rin, ọmọ ló ń di fóònù mú. Bí ẹ bá ní kí ọmọ lọ gba àṣẹ wá, ìyẹn ni wọ́n máa kà sí àfojúdi.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Ó ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kó má di àṣẹ ní ọwọ́ ọmọ nígbà náà. Ẹ padà sí ojú ewé bàbá, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo: "Ẹ ṣeun sà. Bí ẹ ṣe fọwọ́ sí ₦272,500 yìí, mo máa ra pọ́ńpù lọ́la; ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá tí wọ́n kọ̀wé sí mi." Bí bàbá bá ní "ó dáa" síbẹ̀, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ohùn, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Tèmi_Fóònù

Kí ẹ sì tètè ya àwòrán àtàǹpàkò yẹn báyìí, pẹ̀lú ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè tún tẹ̀ ẹ́ kó kúrò, ìka àgbà sì máa ń ṣèèṣì kan ojú fóònù.